Okùn Irin Tó Wà Lórí Páìlì

Pẹ́ńtà kan gbé àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ka àárín pálọ̀, ó gùn ún lọ sókè láti kun àjà. Ilẹ̀ pálọ̀ náà ń dán, táìsì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ àkàbà, okùn kan so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí kò tíì sẹ́ni lórí àkàbà, okùn náà dẹ̀. Bí pẹ́ńtà ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń le, títí ó fi le bí ọṣán gángan. Bí ẹnì kan bá gé okùn yẹn lójijì, ẹsẹ̀ méjèèjì á yọ̀ lórí táìsì, wọ́n á ya síra, pẹ́ńtà á sì já lulẹ̀. Kò ní jẹ́ pé ẹsẹ̀ àkàbà ṣẹ́. Okùn ló já.

Irú àkàbà bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í rí i, nítorí pé inú kọnkéré ló wà. Ní Lẹ́kkí àti Àjáh, níbi tí yanrìn rírọ̀ àti ẹrẹ̀ ti pọ̀ lókè ilẹ̀, akọ́lé tó mọ iṣẹ́ kì í gbé òpó ilé ńlá ka ìpìlẹ̀ lásán. Á ri páìlì, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n fi kọnkéré tàbí irin ṣe, wọ inú ilẹ̀ lọ títí yóò fi kan ibi tó le. Bí páìlì kan ò bá lè dá ẹrù òpó ilé gbé, wọ́n á ri méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á wá da kọnkéré gìrìwò kan bo gbogbo wọn lórí. Kọnkéré yìí ni wọ́n ń pè ní páìlì káàpù. Òun ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ òpó tó ń pín in fún àwọn páìlì.

Ìrísí páìlì káàpù máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dà á tán á rò pé àpáta ni, pé kò sí ohun tó lè ṣe é. Ó ga ju mítà kan lọ, ó nípọn, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n kọnkéré, bó ti wù kó nípọn tó, ìwà kan ni ó ní: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó lágbára gan-an, bí wọ́n bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìtẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹrù tó bọ́ sórí páìlì káàpù máa ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Á gba ojú ọ̀nà méjì tó dagun láti abẹ́ òpó lọ sórí páìlì kọ̀ọ̀kan, bí ẹsẹ̀ àkàbà. Kọnkéré ló ń ṣe ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn páìlì sì fẹ́ ya síra lórí, bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe fẹ́ ya. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ya ni irin tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ káàpù láti orí páìlì kan dé orí èkejì. Irin yẹn ni okùn.

Àwọn ẹnjiníà ń pe ẹsẹ̀ kọnkéré náà ní sítírọ́tì, wọ́n ń pe okùn irin náà ní táì, wọ́n sì ń pe ibi tí ẹsẹ̀ àti okùn ti pàdé ní oríkèé. Bí wọ́n bá ti ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, wọ́n lè ṣírò iye agbára tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ̀ onígun mẹ́ta tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀.

Gbòǹgbò èrò yìí ti pẹ́. Ní 1899, Wilhelm Ritter, ẹnjiníà ará Suwisalandi, ṣàlàyé pé bíìmù kọnkéré tó ti la máa ń gbé ẹrù bí férémù òrùlé: kọnkéré tó wà láàárín ojú ìlà dídagun méjì ń ṣe bí igi tí wọ́n ń tẹ̀, irin ríńgì ń ṣe bí igi tí wọ́n ń fà. Emil Mörsch ará Jámánì mú èrò náà tẹ̀ síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bíìmù gígùn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó fún, àfi nígbà tó di 1987 tí Jörg Schlaich, Kurt Schäfer àti Mattias Jennewein láti Stuttgart fi àròkọ gígùn kan hàn pé a lè fi ọ̀nà yìí kan náà gbé gbogbo ibi tí ìṣirò bíìmù kò ti ṣiṣẹ́ yẹ̀ wò. Ó wọ inú ìwé òfin kọnkéré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ACI 318, ní 2002, ó sì wà nínú Yúrókóòdù 2 ti ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú.

Ibo wá ni ìṣirò bíìmù kò ti ṣiṣẹ́? Bíìmù lásán gùn, kò ga. Bí wọ́n bá gbé ẹrù lé e, ó máa ń tẹ̀ bí pákó tí wọ́n fi dá gọ́tà kọjá, agbára inú rẹ̀ sì máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítòsí ibi tí ẹrù ti bọ́ lé e, àti nítòsí ibi tó fi ẹ̀yìn tì, agbára náà máa ń dàrú, ó sì tó nǹkan bí ìwọ̀n gíga bíìmù náà kó tó tún tò. Nínú páìlì káàpù, kò sí àyè kankan tó lè fi tò. Òpó wà lókè níhìn-ín, páìlì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tó wà láàárín wọn kò sì tó gíga káàpù fúnra rẹ̀. Bákan náà ló rí fún bíìmù gíga tó ń gbé òpó lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ òtẹ́ẹ̀lì: gbogbo ara rẹ̀ ni ibi tó dàrú.

Ẹ jẹ́ ká mú káàpù kan tó wà lórí páìlì méjì, ká ṣírò rẹ̀ parí. Òpó ilé náà jẹ́ 600 mìlímítà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páìlì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 600 mìlímítà, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì sì jẹ́ 1,800. Káàpù náà ga ní 1,200 mìlímítà, ó fẹ̀ ní 900, ó sì yọ ní 150 kọjá etí páìlì lápá méjèèjì. Ẹrù tó ń ti òpó bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àlékún ààbò kún un, jẹ́ 2,400 kílónútìnì. Kílónútìnì mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwúwo tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ká pè é ní 240 tọ́ọ̀nù, kó lè yé wa. Páìlì kọ̀ọ̀kan gba 120.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ àkàbà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Òpó náà fẹ̀, nítorí náà ẹrù rẹ̀ kò bọ́ sójú kan. Ìdajì òsì rẹ̀ ń lọ sí páìlì òsì, ìdajì ọ̀tún ń lọ sí ti ọ̀tún. Àárín ìdajì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín òpó ní 150 mìlímítà. Páìlì fúnra rẹ̀ jìnnà sí àárín òpó ní 900. Bí a bá yọ 150 kúrò nínú 900, ó ku 750: ìyẹn ni ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ àkàbà fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ku gíga. Àárín irin ìsàlẹ̀ wà ní 100 mìlímítà sókè láti ìdí káàpù. Lókè, níbi tí orí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń ti ara wọn, ẹnjiníà fi 200 mìlímítà sílẹ̀ fún kọnkéré tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, àárín rẹ̀ sì wà ní 100 sísàlẹ̀ láti òkè. Bí a bá yọ 100 àti 100 kúrò nínú 1,200, ó ku 1,000.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa báyìí: onígun mẹ́ta tó jẹ́ 750 ní ìbú, 1,000 ní gíga. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dagun á jẹ́ 1,250. Bíríkìlà èyíkéyìí á dá a mọ̀, nítorí pé 3, 4, 5 ni, èyí tí wọ́n fi ń mú kọ́nà ilé dọ́gba nígbà tí wọ́n bá ń ta okùn ìpìlẹ̀. Agbára inú káàpù sì ń tẹ̀ lé ìwọ̀n onígun mẹ́ta yìí gan-an. Bí 1,000 mìlímítà gíga bá dúró fún 120 tọ́ọ̀nù tó ń lọ sísàlẹ̀, 1,250 á dúró fún 150, 750 á sì dúró fún 90. Ẹsẹ̀ kọnkéré kọ̀ọ̀kan ń gba ìtẹ̀ 150 tọ́ọ̀nù. Okùn irin ń gba ìfà 90 tọ́ọ̀nù. Bí ẹnjiníà ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

```
C = 1200 × 1250 / 1000 = 1500 kN
T = 1200 × 750 / 1000 = 900 kN
```

Irin tó bá ní agbára 500, ìyẹn 500 nútìnì lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á pín in sí 1.15 fún ààbò, ó ku 435. Bí a bá fi 435 pín 900,000 nútìnì, a ó rí 2,070 mìlímítà níbùú lóòró. Ọ̀pá irin oní-25 kan jẹ́ 491, nítorí náà ọ̀pá márùn-ún, tó fún wa ní 2,454, ti tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irin tí wọ́n ń tà lọ́jà ló jẹ́ 500. Bí irin tó dé síbi iṣẹ́ bá jẹ́ 410, irin tí a nílò á di 2,524, márùn-ún kò sì tó mọ́, ó di mẹ́fà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ibi ìdánwò tí wọ́n ti ń fa irin títí yóò fi já ló lè sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ kọnkéré náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ibi tó ti tín-ín-rín jù ni orí rẹ̀ lábẹ́ òpó. Níbẹ̀, nínú káàpù wa, ó nípọn ní 360 mìlímítà, ó sì fẹ̀ ní 600 bí òpó. Bí a bá pín 150 tọ́ọ̀nù náà sí ojú ibẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 6.9 nútìnì lórí mìlímítà kan níbùú lóòró. Kọnkéré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 25 ni wọ́n fẹ́ dà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní 25 ju 6.9 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n Yúrókóòdù 2 kò gbà kí a lo 25 fún ẹsẹ̀ tó dagun. Bí ẹrù ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó máa ń wú láàárín bí ìgò, wíwú náà á sì máa ya kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí òfin bá ti yọ ti ààbò, tó sì ti yọ ti yíya yìí, ohun tó kù fún kọnkéré 25 kò ju nǹkan bí 7.6 lọ. 6.9 wọ inú rẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló fi wọ̀ ọ́. Bí àwọn tó ń po kọnkéré bá wá da omi kún un kó lè ṣàn dáadáa, tí agbára rẹ̀ wá já sí 20, òfin á gba nǹkan bí 6.3 péré. Ẹsẹ̀ àkàbà ti tín-ín-rín jù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ irin kò dín, àwòrán kò yí padà.

Nítorí wíwú yẹn ni wọ́n ṣe ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ káàpù po, ní ìbú àti ní òró. Àwọn kan ń wò ó bí ohun tó kàn ń gbé irin ńlá dúró kí wọ́n tó da kọnkéré. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbá ikùn ẹsẹ̀ kọnkéré mú kó má ya.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí jù ni orí irin, ìyẹn ibi tí okùn parí sí. Àwọn tó ń tẹ irin, tí wọ́n ń pè ní ayọnbẹ́ńdà, ti mọ́ra pẹ̀lú bíìmù lásán. Nínú bíìmù lásán, àárín ni irin ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá ti ń sún mọ́ ibi tí bíìmù fi ẹ̀yìn tì, ìfà inú irin ń dín kù. Nítorí náà wọ́n lè gé ọ̀pá méjì nínú márùn-ún kúrú, ilé kò sì ní wó. Ẹni tó bá gbé àṣà yẹn wọ inú páìlì káàpù ti ṣìnà. Ẹ rántí okùn àkàbà. Bó ṣe le láàárín náà ló ṣe le nídìí ẹsẹ̀. Kò sí ibì kan tó ti dẹ̀. 90 tọ́ọ̀nù tó wà láàárín irin náà ló wà lórí páìlì, níbi tí ẹsẹ̀ kọnkéré ti gúnlẹ̀. Irin náà gbọ́dọ̀ ti di kọnkéré mú gírígírí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ.

Irin kì í ṣàdédé di kọnkéré mú. Ó nílò gígùn. Ọ̀pá oní-25 wa, pẹ̀lú ìfà tó wà lára rẹ̀ nínú kọnkéré 25, nílò nǹkan bí 850 mìlímítà kó tó lè dì í mú láìyọ̀. Láti ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n? Láti etí páìlì tó kọjú sí inú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kọnkéré ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí irin. Páìlì fẹ̀ ní 600. Káàpù yọ ní 150 kọjá rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 750. Irin kò sì gbọdọ̀ kan etí káàpù, nítorí ìpẹtà. Bí a bá fi 75 sílẹ̀ fún ìbòrí kọnkéré, 675 ló kù. Ó dín ní 175.

Ìdí nìyẹn tí àwòrán ẹnjiníà fi máa ń ní kí wọ́n tẹ orí irin náà sókè lápá méjèèjì, bí ìgbà tí ènìyàn ká ọwọ́ mọ́ nǹkan. Títẹ̀ yẹn máa ń wá gígùn tó kù, ó sì tún ń fi igun rẹ̀ há kọnkéré. Ayọnbẹ́ńdà tó rí i pé irin náà ti kọjá páìlì lè béèrè pé, "Ọ̀gá, kí la tún ń tẹ̀ ẹ́ sókè fún? Ó ti dé ibi tó ń lọ." Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ọ̀gá dáhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fi irin náà sílẹ̀ gbọọrọ, ẹrù kò ní dúró kó já. Á kàn yọ kúrò nínú kọnkéré bí ìgbà tí wọ́n fa èékánná jáde lára igi tó ti rà. Irin márùn-ún tó pé, tó dára, tí agbára rẹ̀ kò lábùkù, á sì di òtúbáńtẹ́.

Ohun tí irú àṣìṣe yìí lè fà hàn ní Nọ́wè ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1991. Wọ́n ti kọ́ ìpìlẹ̀ kọnkéré ńlá kan fún ibi ìwagáàsì lójú òkun, Sleipner A, wọ́n sì ń rì í díẹ̀díẹ̀ nínú omi jíjìn ní Gandsfjord nítòsí Stavanger láti dán an wò. Ògiri kọnkéré kan tó wà níbi tí àwọn ihò ńlá inú rẹ̀ ti pàdé fọ́, omi ya wọlé, àwọn pọ́ńpù kò lè lé e bá, gbogbo rẹ̀ sì rì pátápátá. Wọ́n ti kó àwọn tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n gbogbo kọnkéré náà ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ omi. Ìwádìí fi ohun méjì hàn. Èkíní, ìṣirò kọ̀ǹpútà ti bu agbára tó fẹ́ gé ògiri náà kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì, àwọn irin olórí pẹrẹsẹ tí wọ́n fi so ògiri náà kúrú. Orí wọn kò dé ibi tó yẹ kó ti di kọnkéré mú. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe fara balẹ̀, ó ní ògiri náà á fọ́ nígbà tí omi tó wà lókè rẹ̀ bá tó mítà 62. Mítà 65 ló fọ́ ní tòótọ́.

Páìlì káàpù ilé kan kò tó Sleipner, ṣùgbọ́n orí irin tó kúrú kò mọ̀ bóyá inú òkun ló wà tàbí abẹ́ ilé.

Ohun mìíràn tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò ni gíga káàpù, nítorí pé òun ni àwọn onílé sábà máa ń fẹ́ dín kù. Kọnkéré wọ́n, ilẹ̀ wíwà wọ́n, omi sì ń ṣun nínú kòtò. Ẹnì kan á ní, "Kí la fẹ́ fi 1,200 ṣe? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 800, ká fi irin kún un." Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àkàbà wa. Bí gíga bá dín ní 400, 1,000 inú onígun mẹ́ta wa á di 600. Ẹsẹ̀ ṣì yà ní 750. Àkàbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn la ẹsẹ̀ rẹ̀ jù. Ìfà inú okùn á fò láti 90 tọ́ọ̀nù sí 150. Irin oní-25 márùn-ún á di mẹ́jọ. Títí débẹ̀, onílé ṣì lè sọ pé òun á ra irin mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ inú ẹsẹ̀ kọnkéré náà ti kúrò ní 150, ó ti di nǹkan bí 192, ní orí rẹ̀ lábẹ́ òpó sì ni 6.9 ti di 9.3, nígbà tí 7.6 jẹ́ òpin. Kò sí iye irin ìsàlẹ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹsẹ̀ ló fẹ́ fọ́ báyìí, okùn kọ́. Fífọ́ kọnkéré sì burú ju fífà irin lọ, nítorí pé irin máa ń gùn, ó máa ń la kọnkéré, ó máa ń kìlọ̀. Kọnkéré tó fọ́ lábẹ́ ìtẹ̀ kì í kìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Páìlì pẹ̀lú kì í sábà wà níbi tí wọ́n yà á sí. Ẹ̀rọ tó ń rì í lè kan òkúta tàbí kùkùté igi àtijọ́, páìlì á sì yẹ̀. Bí páìlì ọ̀tún wa bá yẹ̀ síta ní 150 mìlímítà, ẹrù kò ní pín sí 120 àti 120 mọ́. Páìlì òsì, tó wá sún mọ́ òpó jù báyìí, á gba 129, ti ọ̀tún á gba 111, ìfà okùn á sì di nǹkan bí 98 tọ́ọ̀nù. Irin márùn-ún wa ṣì lè gbé e. Àmọ́ 150 tí káàpù fi yọ kọjá páìlì ti tán, orí irin kò ní ibi tó máa dúró sí mọ́, àfi kí wọ́n fa káàpù náà gùn sí i. Nítorí náà ni ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń wọn ibi tí gbogbo páìlì bọ́ sí, tó sì máa ń ṣírò lẹ́ẹ̀kejì kó tó jẹ́ kí wọ́n tẹ irin kankan.

Bí páìlì bá jẹ́ mẹ́rin, ìbéèrè kan tún wà: ṣé kí irin tàn ká gbogbo ìsàlẹ̀ káàpù bí ẹní ni, àbí kí wọ́n kó o jọ sórí páìlì? Àkàbà ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ orí páìlì ni okùn ń so, kì í ṣe afẹ́fẹ́ àárín wọn. Ìdánwò tí J. L. Clarke ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973 lórí káàpù oní-páìlì mẹ́rin fi hàn bẹ́ẹ̀: iye irin kan náà, bí wọ́n bá kó o jọ sórí páìlì, gbé ẹrù tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ju èyí tí wọ́n tàn ká lọ. Síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń fi irin díẹ̀ sí àárín, kí kọnkéré tó wà níbẹ̀ má baà la.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ bóyá káàpù á gbé ẹrù; kò lè sọ iye tí páìlì á fi rì. Ẹnjiníà méjì sì lè ya àkàbà méjì tó yàtọ̀ sínú káàpù kan náà, kí méjèèjì sì tọ́, bí agbára gbogbo oríkèé bá ti dọ́gba, tí kọnkéré kò fọ́, tí irin sì lè gùn díẹ̀ kó tó já. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n ya àkàbà kan sórí ìwé, kí wọ́n wá tẹ́ irin àkàbà mìíràn síbi iṣẹ́. Ẹrù á gba ibi tí irin wà gan-an, kì í gba ibi tí ìwé sọ.

Nínú bíìmù gíga tó wà níta, ojú lè rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kò ju irun lọ, kò yani lẹ́nu; irin ló ń gba ẹrù. Ìlà tó dagun láti ibi tí bíìmù fi ẹ̀yìn tì lọ sábẹ́ òpó, tó ń fẹ̀ lóṣooṣù, tàbí èyí tó ń tẹ̀ lé orí irin lẹ́bàá etí, yẹ kí wọ́n pe ẹnjiníà sí lọ́jọ́ náà. Páìlì káàpù kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dà á ní ọjọ́ kan, wọ́n á ko iyẹ̀pẹ̀ bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò sì ní rí i mọ́.

Nítorí náà, ìwọ tó ń kọ́lé sórí páìlì, kí ọkọ̀ kọnkéré tó dé, sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà pẹ̀lú ẹnjiníà rẹ. Mú téèpù dání. Wọn gíga káàpù. Ka irin tó wà lórí páìlì kọ̀ọ̀kan, kí o sì rí i pé orí gbogbo wọn ni wọ́n tẹ̀ sókè, láìku ẹyọ kan, lápá méjèèjì. Bí ẹyọ kan bá wà tó kúrú, má ṣe jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré lọ́jọ́ yẹn.